Àkọlé Wo Ló Ni Ìpínrọ̀ Yìí?

Púpọ̀ nínú wa ní Àbújá níbí ló ń múra fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS. Nínú abala ìwé kíkà rẹ̀, wákàtí kan péré ni a ní fún àyọkà mẹ́ta àti ìbéèrè 40. Irú ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó máa ń já ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kulẹ̀: wọn a to àkọlé sílẹ̀, wọn a ní kí a fún ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àkọlé a sì máa pọ̀ ju ìpínrọ̀ lọ, kí àwọn kan lè ṣẹ́kù.

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àkọlé náà rí: gbogbo wọn ló máa ń jọ ohun tó wà nínú àyọkà. Ẹ jẹ́ kí a fi àyọkà kékeré kan nípa ìlú tí a wà yìí wò ó. Àwọn àkọlé rẹ̀ nìyí:

1. Ìdí tí Èkó kò fi gba olú-ìlú mọ́
2. Ìgbìmọ̀ kan àti alága rẹ̀
3. Ilẹ̀ tí kì í ṣe òfìfo
4. Ibi tí orúkọ Àbújá ti wá
5. Àṣẹ yá, iṣẹ́ pẹ́

A. Ní ọdún 1975, ìjọba Múrítàlá Mùhámọ́dù yan ìgbìmọ̀ kan tí Adájọ́ Akínọlá Agúdà ṣe alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé Èkó ti há jù. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ ń lo ìlú kan náà, ilẹ̀ tí ìlú lè fẹ̀ sí kò sì tó.

B. Àwọn tó yan Àbújá yìn ín pé àárín orílẹ̀-èdè ló wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Gbàgyí ti ń dáko, wọ́n ti ń tẹ abúlé dó níbẹ̀ tipẹ́. Orúkọ Àbújá pàápàá, ìlú kan nítòsí tí à ń pè ní Sùléjà lónìí ló kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ.

D. Oṣù Kejì ọdún 1976 ni òfin tó dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀ jáde. Ọdún 1979 ni ìwé ètò ìlú náà parí. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni olú-ìlú tó kúrò ní Èkó ní tòótọ́.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó bo àwọn àkọlé mọ́lẹ̀ ná. A ó ka ìpínrọ̀ tán, a ó fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún kọ kókó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, lẹ́yìn náà ni a ó tó wá àkọlé tó bá a mu. Bí iyè méjì bá wà, a ó yọ gbólóhùn tí àkọlé náà gbára lé kúrò. Bí ìpínrọ̀ bá ṣì dúró, àlàyé lásán ni gbólóhùn yẹn, kì í ṣe kókó.

Ní A, gbólóhùn kìíní ń pè wá sí àkọlé 2. Ẹ yọ Agúdà kúrò, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ Èkó ṣì dúró digbí. Àkọlé 1 ló ni ín. Ní B, "ṣùgbọ́n" ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni òǹkọ̀wé fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ tó wà níparí kàn ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni, pé àwọn ènìyàn ti wà níbẹ̀. Àkọlé 3 ni, kì í ṣe 4. D ló ṣòro jù, nítorí kò sí gbólóhùn kan tó sọ kókó náà síta. Àwa la ó ka ọdún 15 láàárín òfin àti ìkólọ, kí a tó mọ̀ pé àkọlé 5 ló tọ́ sí i.

Ewu ibẹ̀ ni pé àṣìṣe kan kì í dá wá. Ẹni tó rí "Èkó" nínú D tó sì fún un ní àkọlé 1 ti gba ti A lọ́wọ́ rẹ̀. A yóò wá gba 2, máàkì méjì ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, bí àkọlé méjì bá ń du ìpínrọ̀ kan, ẹ fi pẹ́ńsù kọ méjèèjì sí i, kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àwọn tó dá yín lójú. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá ti gba tiwọn, àkọlé tó kù kì í pọ̀ mọ́.