Kámẹ́rà Méjì Níbi Ìgbéyàwó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọmọṣẹ́ mi fẹ́ gba fídíò ìgbéyàwó kan ní Ìgbòho nínú ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí. Ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ àwọn òbí, lẹ́yìn náà àríyá lábẹ́ kánópì. Kámẹ́rà fọ́tò méjì la ní, bí wọ́n bá sì ti gba fídíò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á dá dúró fúnra wọn. Báwo la ṣe máa pín iṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà méjèèjì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbé ọ̀kan sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kó ga ju gèlè àwọn ìyá lọ, kó máa rí tọkọtaya àti pásítọ̀ pa pọ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ ni kó dúró tì í. Ìwọ mú èkejì lọ síwájú, sí ẹ̀yìn èjìká ọkọ, kó o lè rí ojú ìyàwó nígbà ẹ̀jẹ́.

Bí ìsìn bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, tan ti ẹ̀yìn ní mẹ́wàá géérégé, kó o tan ti iwájú ní mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ọ̀kan bá fẹ́ dúró, èkejì ṣì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílẹ̀. Ẹ má sì dúró kó tó kú fúnra rẹ̀: tó bá ti tó ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn nígbà tí wọ́n bá ń kọ orin. Kó tó kan ẹ̀jẹ́, ẹ ti gbọ́dọ̀ tún méjèèjì tàn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Níbi ọ̀rọ̀ àwọn òbí, ohùn ló ṣòro jù. Ohùn tí kámẹ́rà bá gbà láti ọ̀ọ́kán kì í dùn ún gbọ́. Bẹ díjéè kó jẹ́ kí o so rẹkọ́dà kékeré mọ́ míksà rẹ̀, kó o fi ìgbọ́hùn etí gbọ́ ọ wò; bí ohùn bá ń fọ́, ní kó dín in kù. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, okùn yẹn kò ní gba nǹkan kan mọ́, nítorí náà so rẹkọ́dà kejì tó ní bátìrì tirẹ̀ mọ́ ìdúró máìkì. Máa pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí gbogbo kámẹ́rà àti rẹkọ́dà ti lè gbọ́ ọ, ní ìgbàkígbà tí ẹ bá tún kámẹ́rà tàn. Ìró yẹn lo máa fi to wọn pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà ẹ̀yìn á wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tìrẹ á wo ojú ọmọ tí wọ́n ń gbàdúrà fún. Ojú yẹn ni wọ́n á fẹ́ rí lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Tó bá di àríyá, àwọn tó ń náwó fún tọkọtaya á yí wọn ká, kámẹ́rà ilẹ̀ kò ní rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn agbádá lọ. Kí ọmọṣẹ́ rẹ gun àga tó lágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó tọkọtaya, kí ìwọ sì ti wà nínú agbo kí ìlù tó gbóná. Iná mànàmáná wa ń yí àádọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà fi méjèèjì sí 25p àti 1/50, kí gílóòbù má baà máa ṣẹ́jú nínú fídíò. Eruku ọyẹ́ Òkè-Ògùn kì í ṣeré: lẹ́ǹsì tí o máa lò, inú yàrá ni kó o ti gbé e wọ kámẹ́rà.