Ṣé tẹlifíṣọ̀n ń tan ara rẹ̀ ni?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kàbà gbé àríyànjiyàn ilé wọn wá bá mi. Ó fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n sí iyàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn, ọlọ́jà sì ní kó mú OLED dípò LED, torí pé “èyí ń tan ara rẹ̀, kò nílò iná ẹ̀yìn.” Ìyá rẹ̀, ọmọ Owé tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀, bú sẹ́rìn-ín: “Tó bá ń tan ara rẹ̀, ṣé èmi ni kò ní tàn jẹ?” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Èwo sì ni kí n rà?”

Ìyá jàre. Òṣùpá tàn, iná tàn: ohùn ìsàlẹ̀ ni tàn ní nígbà tó bá dá dúró. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn náà á gòkè sí àárín, a ó sì wí pé a tan iná, gẹ́gẹ́ bí gbà ṣe ń di gba owó. Ṣùgbọ́n bí ohun tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ ènìyàn tàbí ara, ẹ̀tàn nìkan ni etí Yorùbá ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń tan ara rẹ̀ ń puró fún ara rẹ̀ ni. Ohun tí ọlọ́jà náà ń wá kò jìnnà: ó ń tàn fúnra rẹ̀. Fúnra yẹn ló gbà á là.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń tàn ọ̀hún. Àwọn àmì tíntìnìntín tí wọ́n ń pè ní píksẹ̀lì ló para pọ̀ di àwòrán, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 8 lójú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n kọ 4K sí lára. Lórí OLED, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń mú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ jáde, tí iná kò bá sì dé ọ̀kan, ó kú pátápátá. Lórí LED, kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń tàn. Iná ẹ̀yìn ló ń tàn, ìyẹn gílóòbù kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́yìn tàbí sí etí ojú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àmì tó wà níwájú kàn ń ṣí, wọ́n ń pa dé bí aṣọ fèrèsé. Ẹ sì mọ̀ pé bó ti wù kí ẹ fa aṣọ fèrèsé pọ̀ tó lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ á yọ́ wọlé.

Nítorí náà, LED tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe orúkọ ojú tẹlifíṣọ̀n náà rárá, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. QLED náà, iná ẹ̀yìn ló ń lò, lẹ́tà Q yẹn kò sọ ọ́ di ẹgbẹ́ OLED. Àwa tá a ṣì ń pe gbogbo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ní pilásímà, irú ẹ̀yà mìíràn nìyẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ti pa á tì láti nǹkan bíi 2014.

Nínú iyàrá tí iná ti kú ni ìyàtọ̀ wọn ti ń hàn jù. Yorùbá ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára òkùnkùn: àwọ̀ ni dúdú, àìsí ìmọ́lẹ̀ ni òkùnkùn. Bí fíìmù bá dé òru inú igbó, òkùnkùn gidi ni OLED ń fi hàn. LED ń fi ohun tó sún mọ́ eérú hàn, torí iná ẹ̀yìn ń yọ́. Ìyọ́ náà kò dọ́gba: lórí ojú tí wọ́n ń pè ní IPS, nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìmọ́lẹ̀ funfun ló ń kù sínú dúdú; lórí VA, ó máa ń dín sí ìdá kan nínú 3,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọ̀ VA máa ń ṣá fún ẹni tó bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ẹni tó bá sì sùn sí etí bẹ́ẹ̀dì á rí i. OLED kò ní wàhálà yẹn.

Títí dé ibí yìí, OLED ló ń borí. Ṣùgbọ́n Kàbà ni a fẹ́ gbé e sí.

Àkọ́kọ́ ni pé ara rẹ̀ ń gbó. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé ojú OLED “jóná” bí àmì ilé iṣẹ́ ìròyìn bá hàn síbẹ̀ tí kò lọ mọ́. Kò sí ohun tó jó. Èròjà oní-kábọ́ọ̀nù ló ń mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jáde, bíi ti èyí tí Ching Tang àti Steven Van Slyke gbé jáde ní Kodak ní 1987, bí èròjà náà sì ṣe ń tàn ló ń gbó, pàápàá èyí tó ń mú àwọ̀ búlúù wá. Ibi tí àmì kan náà ti ń tàn lójoojúmọ́ á gbó ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ máa pè é ní àpá, kí ẹ ní ojú rẹ̀ ti gbó níbẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n náà ní oògùn tirẹ̀. Irú èyí tí LG ń ṣe, lẹ́yìn ìlò bíi wákàtí 4 lápapọ̀, bí ẹ bá fi rìmóòtù pa á, ó máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹ àwọn píksẹ̀lì wò, kó sì tún iye iná tó ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Ó gbọ́dọ̀ wà lára iná kó tó lè ṣe é. Nílé tí wọ́n ti ń wo fíìmù tán, tí wọ́n á pa jẹnẹrétọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tàbí tí Nẹ́pà ń mú iná lọ láìdágbére, iṣẹ́ yẹn kì í parí. Mi ò rí ọlọ́jà kan tó ń sọ èyí.

Ti LED kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí iná ẹ̀yìn bá kú, ohùn á máa jáde, ojú á ṣókùnkùn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú: bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, iná ẹ̀yìn ló kú, ojú rẹ̀ kò bàjẹ́. Atúnṣe tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ àwọn gílóòbù náà. Bí ojú OLED bá gbó, odindi ojú náà ni a ó pààrọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń súnmọ́ ti tẹlifíṣọ̀n tuntun.

Ìwọ̀n náà wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n OLED tó kéré jù lọ́jà jẹ́ ínṣì 42, èyí tí LG gbé jáde ní 2022. Iyàrá arákùnrin yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, orí bẹ́ẹ̀dì kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 7 sí ògiri. Ínṣì 32 tó o. LED ínṣì 32 ń mu nǹkan bíi wáàtì 40, OLED ínṣì 42 tàbí 48 lè mu ìlọ́po méjì rẹ̀, ó sì ń lọ sókè bí àwòrán bá ṣe mọ́lẹ̀ tó. Lórí bátìrì ìnfẹ́tà, ìyẹn ni pé wákàtí tí ẹ ó fi wò ó lè dín sí ààbọ̀.

Nítorí náà, àbúrò mi, ra LED ínṣì 32 tí ojú rẹ̀ jẹ́ VA, kó o gbé e kọ́ ibi tó kọjú sí àárín bẹ́ẹ̀dì gan-an. Ní ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n fi àwòrán òru sí i, kí wọ́n pa iná ilé, kó o wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan wò ó. Bí o bá rí OLED àlòkù tí owó rẹ̀ wọlẹ̀, ní kí wọ́n fi àwọ̀ eérú tàbí pupa lásán bo gbogbo ojú rẹ̀. Bí àmì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan bá hàn ní igun, má rà á. Bá mi kí Màmá, kó o sì sọ fún wọn pé àwọn ló jàre.