Àsèmu àti Àrẹmu: Àkíyèsí lórí Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ó Jẹ Mọ́ Tíì Koríko Ọba

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ṣe okùnfà àpilẹ̀kọ yìí. Wọ́n gbé ìwé pẹlẹbẹ kan fún mi pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ewé tí à ń lò nínú ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ewé tí a mọ̀ sí koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé tíì, ohun tí atúmọ̀ náà kọ nìyí: ‘Ẹ se ewé náà títí yóò fi hó dáadáa, omi rẹ̀ a máa kan díẹ̀, ó ń wo ibà sàn, ó sì ń mú kí oúnjẹ dà.’ Yorùbá tí ó gún ni. Kò sí ẹni tí yóò kà á tí kò ní yé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi í wé ìwé tí a ti túmọ̀ rẹ̀, mo rí i pé ọ̀nà mẹ́rin ni ìtumọ̀ náà gbà yàtọ̀ sí i, àti pé ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ṣekú pa ọmọ ọlọ́mọ. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá-èdè ni mí, n kì í ṣe oníṣègùn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè yẹ ọ̀rọ̀ wò láìmọ ohun tí ó dúró fún.

Orúkọ ewé yìí kò ní dá wa dúró pẹ́. Ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti ṣẹ̀, ó sì ti di ohun tí à ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé àti etí ọgbà. Orúkọ rẹ̀ kejì, ewé tíì, fi hàn gbangba pé inú ìmọ̀ wa nípa tíì ni a gbé e sí, bẹ́ẹ̀ ni kò bá igi tíì gidi tan rárá. Ìbátan àgbàdo àti ìrèké ni. Àwọn ará Kúbà ń pè é ní ìrèké mímọ́, àwọn ará Bùràsíìlì ń pè é ní koríko mímọ́, àwọn ará Jàmáíkà sì ń pè é ní orúkọ kan tí mo ń bọ̀ wá bá nísàlẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́, ‘se’. Ìwé tí a túmọ̀ kò sọ pé kí a se ewé náà. Ohun tí ó sọ ni pé kí a da omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e lórí, kí a sì dé e. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn afínjú lásán. Ohun tí ó ń mú kí koríko ọba máa rùn bí ó ṣe ń rùn ni òróró kan tí àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ń pè ní sitiráàlì. Òróró yìí kò wọnú omi dáadáa, ó sì yá láti bá ooru omi fò lọ. Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ fún títà gan-an nìyẹn: wọn a jẹ́ kí ooru omi gba àárín ewé kọjá, wọn a gba ooru náà sínú ohun tútù, òróró a sì léfòó sórí omi. Ẹni tí ó bá gbé ewé yìí kaná láìdé ìkòkò, tí ó fi sílẹ̀ kí ó máa hó fún ìdajì wákàtí, iṣẹ́ àwọn ayọróró ni ó ń ṣe, àfi pé inú afẹ́fẹ́ ilé ìdáná ni ó ń da òróró tirẹ̀ sí.

Mo dán èyí wò ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. A já ewé tútù mẹ́jọ, a fọ̀ wọ́n, a sì fi ọ̀bẹ gé wọn sí gígùn oríkèé ìka kan. (Kí ẹni tí yóò bá ṣe é má fi ọwọ́ fa ewé náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ mú bí abẹ.) A pín in sí méjì. A fi ìdajì sínú ife, a da nǹkan bí 250 mìlílítà omi híhó lé e, a sì fi àwo pẹlẹbẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10. A gbé ìdajì kejì kaná nínú ìkòkò tí kò ní ìdérí, a sì jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 30, a ń bu omi kún un bí ó ti ń gbẹ. Kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, gbogbo kíláàsì ti ń rùn, òórùn náà sì ti orí iná wá. Nígbà tí a sẹ́ méjèèjì, omi inú ife mọ́, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń ta sánsán. Ti inú ìkòkò ṣú, adùn rẹ̀ sì dà bí ti omi tí a fi fọ koríko gbígbẹ. Nígbà tí a ṣí ife, omi ti sẹ̀ sí abẹ́ àwo tí a fi dé e. A gbọ̀n ọ́n padà sínú ife, nítorí pé òróró wà lára ẹ̀kán omi wọ̀nyí pẹ̀lú.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé àwọn tí ń se ewé tíì kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú àgbo ibà tí ọ̀pọ̀ ilé ń sè, ewé tíì kì í dá wà: ewé dóńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ, ewé máńgòrò àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó a máa wà níbẹ̀. Èèpo tí ó le àti ewé kíkorò ń fẹ́ iná. Bí a bá sì fẹ́ fi aṣọ borí kí a fa ooru àgbo sí imú, ìkòkò híhó ni ó tọ́, nítorí pé inú ooru náà ni òróró wà. Ohun tí a fẹ́ fi ṣe ni yóò sọ èyí tí ó yẹ.

Kí ni kí a wá pè wọ́n? Èdè wa kò ṣàìní àpẹẹrẹ. A ní ‘àgúnmu’, èyí tí a gún tí a sì ń mu. A ní ‘àsèjẹ’, èyí tí a sè tí a sì ń jẹ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, à-, ni ó sọ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn di ọ̀rọ̀-orúkọ. Lójú ọ̀nà yìí ni mo fi dábàá ‘àsèmu’ fún omi ewé tí a gbé kaná, àti ‘àrẹmu’ fún èyí tí a da omi híhó lé tí a sì dé. Àwọn kan yóò ní ‘àgbo’ ti tó fún méjèèjì. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, láti ara ‘gbo’, ìyẹn ni kí a fi ọwọ́ gbo ewé sínú omi, ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ó ti fẹ̀ láti ìgbà náà títí ó fi kó gbogbo oògùn olómi mọ́ra. Ọ̀rọ̀ tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ wúlò nílé, kò wúlò nínú ìlànà ìpèsè.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ‘kan’. Ìwé náà fi ìtọ́wò tíì yìí wé ti ọsàn wẹ́wẹ́, atúmọ̀ sì rò pé ohun tí ó bá jọ ọsàn wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ kan. Tíì koríko ọba kì í kan. Omi ọsàn ni ó ń kan, nítorí ásíìdì inú rẹ̀. Èèpo ọsàn ni ó ní sitiráàlì, bíi ti koríko ọba. Ahọ́n ni ó ń mọ èkíní, imú ni ó ń gbọ́ èkejì. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ tí ó lè kó iṣẹ́ ahọ́n àti ti imú pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn dábàá ‘òórùn ẹnu’, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. ‘Ìtọ́wò’ ni mo fara mọ́ fún ìgbà yìí, pẹ̀lú àlàyé pé ó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ‘ó ń wo ibà sàn’. Àwọn ará Jàmáíkà ń pe ewé yìí ní orúkọ kan tí a lè túmọ̀ sí koríko ara gbígbóná. Bí atúmọ̀ Yorùbá bá kọ ọ́ ní ‘koríko ibà’, ó ti ṣe ohun tí kò ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ ń tọ́ka sí àmì kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé ara gbóná, ohun yòówù kí ó fà á. ‘Ibà’ lẹ́nu wa ń tọ́ka sí àmì náà, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ orúkọ àìsàn tí ẹ̀fọn ń fi sínú ẹ̀jẹ̀. Òǹkàwé tí ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé ọdún 5 ń gbóná, tí ó sì ka ‘ó ń wo ibà sàn’, lè jókòó ti kẹ́tùlù títí àìsàn náà yóò fi gun ọmọ lórí. Ibà ẹ̀fọn lè dé ojú ikú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tí ó ní atẹmisíníìnì nínú, èyí tí Nàìjíríà fi rọ́pò kulorokúìnì nínú ìlànà rẹ̀ ní ọdún 2005, ni ìtọ́jú rẹ̀.

‘Wò sàn’ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìwé náà sọ. Ó ní àwọn ènìyàn a máa lò ó. Àṣà ìlò yàtọ̀ sí agbára ìwòsàn, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Carlini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bùràsíìlì tẹ̀ jáde ní ọdún 1986. Àrẹmu gan-an ni wọ́n lò, bí àwọn ará ìlú wọn ti ń ṣe é. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún tilẹ̀ ń tọ́ka sí dídé tí a dé e. Wọ́n ti ara àwọn eku ṣe àyẹ̀wò náà. Wọ́n fún àwọn eku tí wọ́n ti mú kí ara wọn gbóná ní àrẹmu lẹ́nu, títí dé ìlọ́po 40 ìwọ̀n tí ènìyàn ń mu; ara wọn kò tutù. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní ìlọ́po 20 sí 100, wọ́n sì wo bí èédú tí wọ́n fi sínú oúnjẹ ṣe ń rìn nínú ìfun. Ìrìn rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un sínú ikùn, ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń mu tíì lọ́nà bẹ́ẹ̀. Èsì ara eku kọ́ ni ó máa parí ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn. Síbẹ̀, ó tó láti dá ọwọ́ atúmọ̀ dúró kí ó tó kọ ‘wò sàn’ tàbí ‘ó ń mú kí oúnjẹ dà’.

Kí ni ó wá kù fún ẹni tí ó ń mu ún? Omi gbígbóná, tí ó ń dá omi tí òógùn ti gbà padà sí ara aláìsàn. Òórùn tí ó jẹ́ kí ẹni tí oúnjẹ kò wù lè mu nǹkan. Ìtura lẹ́yìn oúnjẹ tí ó kún inú. Ìwọ̀nyí ni ‘à ń mu ún fún’ lè gbé láìṣẹ́.

Báyìí ni mo ṣe dá gbólóhùn náà padà fún àwọn tí ó ni ín: ‘Ẹ da omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé ewé náà, kí ẹ sì dé e fún ìṣẹ́jú 10. Àrẹmu yìí ń ta sánsán bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, kì í kan. Àwọn ènìyàn a máa mu ún nígbà tí ara bá ń gbóná tàbí tí inú bá kún. Kì í ṣe oògùn ibà ẹ̀fọn.’ Wọ́n gba gbogbo rẹ̀ wọlé àfi ‘àrẹmu’, tí wọ́n ní àwọn òǹkàwé kò tí ì mọ̀. Wọ́n fi ‘tíì’ rọ́pò rẹ̀, n kò sì bá wọn jiyàn.