Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Ìgbìmọ̀ Iléèwé Fíìmù

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ẹni tó bá fẹ́ wọ iléèwé fíìmù gbọ́dọ̀ mọ òwe yìí lò. Nínú ìwé tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé, ibì kan sábà máa ń wà tí wọ́n ti ní kó fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ fíìmù kúkurú tó ní lọ́kàn. Lọ́gíláìnì ni àwọn onífíìmù ń pè é. Àwọn ìgbìmọ̀ tó máa ka tìrẹ ti ka ti àwọn ẹlòmíràn kó tó kàn ọ́, wọ́n sì tún máa ka òmíràn lẹ́yìn rẹ. Wọn kò retí pé kí o ro gbogbo ìtàn náà fún wọn. Wọ́n fẹ́ àbọ̀ tó máa di odindi lọ́kàn wọn, débi pé bí wọ́n bá ka gbólóhùn náà tán, wọ́n á ti máa rí fíìmù náà.

Ohun tó sábà máa ń ba gbólóhùn yìí jẹ́ ni pé èèyàn á kọ ẹ̀kọ́ inú ìtàn sílẹ̀, á fi ìtàn fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Á ní, "Fíìmù yìí dá lórí ẹ̀tanú tó wà láàárín olówó àti tálákà." Kò sí ẹnì kankan nínú gbólóhùn yẹn, kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan, kámẹ́rà kò sì lè ya ẹ̀tanú. Ohun tí kámẹ́rà lè yà ni èèyàn tí nǹkan dé bá, tó sì ní láti ṣe ohun kan nípa rẹ̀.

Wo fíìmù kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Adam Davidson ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Columbia, nílùú Niu Yọ́ọ̀kì, nígbà tó ṣe The Lunch Date ní 1989. Fíìmù náà kò gùn rárá, dúdú àti funfun ni, síbẹ̀ ó gba ẹ̀bùn fíìmù kúkurú tó ga jù ní Kánì ní 1990, ó sì gba Ọ́síkà ní 1991. Ẹ̀tanú ló dá lé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbọ́ bí a ṣe lè sọ ọ́: "Obìnrin olówó kan tó pàdánù ọkọ̀ ojú irin lọ mú fọ́ọ̀kì, ó padà débi tábìlì, ó bá ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó jọ aláìnílé tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó sì ní láti yan bóyá òun máa fi í sílẹ̀ fún un tàbí òun máa jókòó bá a jẹ ẹ́." Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀tanú níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá kà á ló máa rí i. Èèyàn kan wà, ohun kan dé bá a, ó ní nǹkan láti yàn, èyíkéyìí tó bá sì yàn máa ná an ní nǹkan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni egungun gbólóhùn náà.

Ó yá, jẹ́ ká kọ tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́ kan nílùú Ìbàdàn fẹ́ ṣe fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé, "Fíìmù yìí dá lórí ìfẹ́ tó wà láàárín bàbá àti ọmọ, àti ohun tí ìṣẹ́ ń fojú èèyàn rí." Irú rẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Ó lọ tún un kọ: "Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì iléèwé kan ń fọ́jú díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi í pa mọ́ fún gbogbo èèyàn." Èèyàn ti dé, wàhálà náà ti dé. Àmọ́ ojú tó ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ kì í fọ́ tán lọ́jọ́ kan, fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò sì ní oṣù mẹ́fà láti fi ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ni ìfipamọ́ kì í ṣe ohun tó rọrùn láti yà, torí ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ sábà máa ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Fíìmù kúkurú ń fẹ́ ọjọ́ tí nǹkan náà máa bẹ́.

Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹta: "Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì iléèwé kan tí ojú rẹ̀ ń ṣú fẹ́ há lẹ́tà ara àtẹ ìyẹ̀wò ojú sórí kílẹ̀ tó mọ́, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Ibí yìí ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Àkókò ti há, iṣẹ́ kan wà tí a lè wò lójú, àtẹ lẹ́tà sì jẹ́ ohun tí kámẹ́rà lè sún mọ́. Ẹlòmíràn á dúró síbí, á ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ pé: bí bàbá kò bá ríran dáadáa, ta ló máa ka àtẹ náà fún un? Ìbéèrè yẹn ló máa mú ọmọ rẹ̀ wọlé. Bí ọmọ bá sì ti wọlé, ọ̀rọ̀ yí padà, torí bàbá ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ni kò tíì pinnu.

Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Gbólóhùn kan kò lè ru ẹni méjì tí ìtàn jẹ́ tiwọn. Bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ìtàn, má wo ẹni tí ìyà ń jẹ jù. Wo ẹni tí ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyà ń jẹ bàbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ni ọ̀bẹ ìtàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, òun ló yẹ kó ṣáájú nínú gbólóhùn náà: "Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní láti yan, kílẹ̀ tó mọ́, bóyá òun máa kọ́ bàbá òun tí ojú rẹ̀ ń ṣú ní lẹ́tà àtẹ ìyẹ̀wò ojú kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí òun máa fi lẹ́tà tí kò tọ̀nà kọ́ ọ, torí bọ́ọ̀sì iléèwé tí òun ń wọ̀ ni bàbá ń wà."

Wo iṣẹ́ tí ìparí gbólóhùn náà ń ṣe. Bọ́ọ̀sì tó ń bọ́ ọmọ náà ló tún lè pa á. Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá ń wà, ìtàn náà á ṣì dúró, ṣùgbọ́n ọmọ á jìnnà sí ewu rẹ̀. Ọ̀nà kan nìyẹn láti yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò: fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ìtàn kò bá yí padà, ọ̀rọ̀ náà kò ṣiṣẹ́, yọ ọ́ kúrò. Ìdí nìyẹn tí a kò fi dárúkọ ọmọ náà. Orúkọ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n "ọmọ ọdún mẹ́wàá" sọ pé ẹrù náà wúwo ju ọrùn tó rù ú lọ. Ìlú Ìbàdàn náà kò sí nínú gbólóhùn wa. Á wọlé nínú ìwé eré.

Ní ti gígùn, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ 25 sí 35 ni ọ̀pọ̀ onífíìmù máa ń fọwọ́ sí. Èyí tí a kọ yìí lé díẹ̀ ní 50, torí Yorùbá ń to ọ̀rọ̀ kéékèèké jọ. Má wulẹ̀ jókòó ti òǹkà. Kà á sókè: bí o bá ní láti mí lẹ́ẹ̀mejì kí o tó dé ibi ìpinnu, ó ti gùn jù.

Ìgbìmọ̀ náà tún ń fi gbólóhùn yìí wọn ohun mìíràn: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe fíìmù yìí? Tiwa ń fẹ́ yàrá kan, àtẹ kan, tọ́ọ̀ṣì, eléré méjì, àti bọ́ọ̀sì kan lówùúrọ̀. Ẹni tó bá kọ ogun, ìkún omi àti ogún ọdún sínú fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti sọ fún wọn pé òun kò tíì mọ ìwọ̀n ohun tí òun dáwọ́ lé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Má kọ òpin ìtàn sínú gbólóhùn náà. Padà wo The Lunch Date: lẹ́yìn tí obìnrin náà bá ọkùnrin yẹn jẹun tán ló rí oúnjẹ tirẹ̀ ní tábìlì kejì, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Bí o bá fi ìyẹn sínú gbólóhùn, o ti na gbogbo owó ọwọ́ rẹ tán lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, fífi òpin pa mọ́ yàtọ̀ sí fífi ìtàn pa mọ́. Àwọn kan á kọ pé "kò mọ̀ pé àṣírí ńlá kan máa yí ayé òun padà." Èyí kò sọ nǹkan kan, torí ó lè bá ẹgbẹ̀rún fíìmù mu. Jẹ́ kí wọ́n rí ìpinnu náà kedere, kí o fi èsì rẹ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún béèrè fún àkópọ̀ ìtàn ní ojú ewé kan, sọ òpin rẹ̀ níbẹ̀ láìfi bò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ mọ̀ bóyá o lè parí ohun tí o bẹ̀rẹ̀.

Kí o tó fi ránṣẹ́, ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa fíìmù rẹ. Bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, lẹ́yìn náà kí o ní kó sọ ìtàn náà padà fún ọ. Ohun tó bá gbàgbé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àpọ̀jù. Ohun tó bá sọ lódì, ìwọ ni kò sọ ọ́ yé e. Bó bá béèrè pé, "Ta ni wọ́n ń sọ gan-an?" padà sídìí iṣẹ́. Bó bá béèrè pé, "Kí ni ọmọ náà wá ṣe?" àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń di odindi nìyẹn.

Gbólóhùn tó dára ń mú ìbéèrè wá lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n á ní: kí ló dé tí ìyá ọmọ kò kà á fún un? Kí ló dé tó fi jẹ́ òru òní? Èsì wọn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé eré rẹ. Bí o bá sì ń kọ ìwé eré náà, tí ìpinnu bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí ó ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọmọ yìí, má fi gbólóhùn àtijọ́ ránṣẹ́. Tún un kọ, kí ohun tí wọ́n kà ní òkè ìwé má baà yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n máa bá nísàlẹ̀.