Ó yí, àbí ó lọ́? Ọ̀rọ̀ tó yẹ nídìí ẹ̀rọ ìfúngàrí

Ní Komu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, àti káàkiri Òkè-Ògùn, bí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́ tán, tí wọ́n dà á sápò, omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò kó tó ṣeé yan ní gàrí. Òkúta ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ láyé àtijọ́. Lónìí, irin ló gba iṣẹ́ náà níbi púpọ̀: férémù tí wẹ́dà jó pọ̀, òpó eléyín tó dúró sáàárín, nọ́ọ̀tì ńlá tí wọ́n jó mọ́ orí férémù, àti ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n ń tì yípo. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nídìí ọ̀pá yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ kan pe nǹkan mẹ́ta kò ní lè ṣírò ẹ̀rọ náà, kò sì ní mọ̀ nígbà tó bá ń bàjẹ́ lọ.

A máa ń gbọ́ pé, “Ẹ lọ́ ọ dáadáa!” Yí ni ọ̀rọ̀ tó tọ́. Nǹkan tó bá yí, gbogbo ara rẹ̀ ló jọ ń yí, bí táyà ọkọ̀. Nǹkan tó bá lọ́, apá kan rẹ̀ ló yà, tí apá kejì kò tẹ̀lé e. A ń lọ́ okùn, a sì ń lọ́ aṣọ tí a fọ̀ kí omi lè kán kúrò lára rẹ̀. Òpó irin tó bá lọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn: orí rẹ̀ ti yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí tó bẹ́ẹ̀. Irin tínrín ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, nítorí bí a bá dín ìnípọn òpó kù sí ìdajì, tí a sì tì í bákan náà, ìnira tí lílọ́ ń fà sínú irin náà a di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, ipá tó ń mú òpó yí, ipá ìyí ni kí a pè é. Ìlọ́ ni orúkọ àrùn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ̀ àti fún. Òpó ń tẹ pákó tó wà lórí àpò. Ẹ̀gẹ́ inú àpò ni a ń fún. Òpó kò fún nǹkan kan.

Báwo wá ni ohun tó ń yí ṣe ń sọ̀ kalẹ̀? Ẹ gé bébà kan kó ní igun mẹ́ta, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ sì wé e mọ́ gègé ìkọ̀wé. Ẹ ó rí i pé etí bébà náà ti di eyín sukúrù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a wé mọ́ òpó ni eyín. Nígbà tí òpó bá yí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti rìn dé ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gbé e dé. Ìrìn yẹn ni mò ń pè ní ìṣísẹ̀, nítorí pé iye tí òpó fi rìn síwájú ní ìyí kan ni. Ẹ má ṣe kà á sí ohun kan náà pẹ̀lú àlàfo eyín. Àlàfo eyín ni jíjìnnà eyín kan sí èkejì tó tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló wé òpó láti òkè dé ìsàlẹ̀, méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn òpó kan wà tí eyín méjì jọ wé, tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ìṣísẹ̀ irú òpó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì àlàfo eyín rẹ̀. Ọ̀nà tí kì í tanni ni kí ẹ fi ẹfun sàmì sí òpó, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan géérégé, kí ẹ sì fi rúlà wọn bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ẹ̀rọ kan. Òpó rẹ̀ nípọn ní 50 mìlímítà, ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 mìlímítà. Bí a bá wọn ọn láti àárín eyín, ìnípọn d jẹ́ 45 mìlímítà. A fẹ́ kó tẹ pákó pẹ̀lú ipá 20,000 niutọ́nì, èyí tó súnmọ́ ìwúwo tọ́ọ̀nù méjì. Irin tó ń fi ara ha irin, tí a fi òróró sí, ìwọ̀n ìfarahara rẹ̀, tí a kọ ní μ, lè jẹ́ 0.15. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí apá wa ṣe, ìdá tó dé orí ẹ̀gẹ́ ni mo pè ní èrè, e. Ìyókù gbóná dànù sínú eyín. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ eyín ni g, ìṣísẹ̀ ni L, ipá ìtẹ̀ ni F, ipá ìyí ni T.

```
g = L ÷ (π × d) = 10 ÷ (3.14 × 45) = 0.071
e = g × (1 − μ × g) ÷ (g + μ) = 0.32
T = F × L ÷ (2 × π × e)
  = 20000 × 0.01 ÷ (6.28 × 0.32) = 100 N·m
```

Èrè kò tó ìdá mẹ́ta iṣẹ́ tí a ṣe. Ìyẹn kò tíì parí, nítorí pé ẹsẹ̀ òpó náà ń yí lórí àwo irin tó ń tẹ̀. Bí ibi tí wọ́n ti ń fi ara ha ara bá jìnnà sí àárín òpó ní 20 mìlímítà, a ó fi 20,000 × 0.15 × 0.02 kún un, ìyẹn 60 N·m. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 160 N·m. Ẹni tó bá di ọ̀pá mú ní ìdajì mítà sí àárín òpó gbọ́dọ̀ tì í pẹ̀lú 320 niutọ́nì. Bí ẹni méjì bá dúró sí apá méjèèjì, 160 niutọ́nì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gbé ẹrù kílò mẹ́rìndínlógún. Ẹ wo bí ẹsẹ̀ òpó ti jẹ nínú ipá yẹn tó! Síbẹ̀, eyín nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi gírísì sí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ agbára àti ipá ti máa ń dàrú. Bí a bá fi páìpù mú ọ̀pá gùn sí i, tó di mítà kan, a máa ń sọ pé “agbára ti pọ̀ sí i.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ipá tí ọwọ́ ń tì dín kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n ìrìn tí ọwọ́ ń rìn ní ìyí kan di ìlọ́po méjì, láti nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí mẹ́fà. Iṣẹ́ kan náà ni. Agbára ni iye iṣẹ́ tí a ṣe láàárín àkókò kan, a sì ń fi wáàtì wọ̀n ọ́n. Kí a sọ pé òpó ń yí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan. Pákó ń sọ̀ kalẹ̀ ní 60 mìlímítà ní ìṣẹ́jú kan náà, èyí tí mo pè ní v.

```
ìyí ní ìṣẹ́jú kan: n = v ÷ L = 60 ÷ 10 = 6
agbára: P = 2 × π × n × T ÷ 60
          = 6.28 × 6 × 160 ÷ 60 = 100 W
```

Agbára gílóòbù iná kan àtijọ́ ló ń tẹ tọ́ọ̀nù méjì! Ìdí nìyẹn tí mọ́tò kékeré fi lè ṣe é, bí ó bá ní gíà tó tó. Mọ́tò tó ń yí ní 1,440 ní ìṣẹ́jú kan nílò gíà tó dín ìyí rẹ̀ kù ní ìlọ́po 240 kó tó di mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sáré fún ẹ̀gẹ́. Omi gbọ́dọ̀ rí àyè gba inú àpò jáde. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ kíákíá jù, ẹ̀gẹ́ tó wà létí àpò a kì pọ̀, a sì dí ọ̀nà omi àárín, àpò sì lè bẹ́. À ń yí i díẹ̀, à ń dúró kí omi kán, kí a tó tún yí i.

Irú sukúrù kejì wà, èyí tí ọmọ bíárìn róbótó kún àárín eyín òpó àti nọ́ọ̀tì rẹ̀. Irin kì í fi ara ha irin níbẹ̀. Ọmọ bíárìn ni ń yí gbirigbiri, tí wọ́n bá dé ìpẹ̀kun nọ́ọ̀tì, ihò kan a dá wọn padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òpó ọlọ́mọ-bíárìn ni kí a pè é. Èrè rẹ̀ tó 0.9, nítorí náà ipá ìyí tó máa gbà fún 20,000 niutọ́nì wa jẹ́ nǹkan bíi 35 N·m, dípò 100. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gé irin. Ó tún wà nínú àpótí sítíárìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover àtijọ́, irú èyí tó ti kó ẹrù oko jáde ní Òkè-Ògùn. Awakọ̀ tó bá yà ní kọ́nà, tó wá dẹ ọwọ́, a rí i pé sítíárìn ń dá padà fúnra rẹ̀. Táyà ló ń ti nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì sì ń yí òpó.

Ohun tó dára nínú sítíárìn yìí ni kò ní dára nínú ẹ̀rọ ìfúngàrí. Ẹ̀gẹ́ tí a tẹ̀ ń ti pákó padà sókè. Bí òpó bá jẹ́ ọlọ́mọ-bíárìn, nígbà tí a bá fi ọ̀pá sílẹ̀ kí omi lè kán, òpó a yí padà, ọ̀pá a sì gbá ẹni tó dúró nítòsí, àyàfi bí a bá ní búrékì tó dì í mú. Òpó wa kì í yí padà, nítorí pé ìwọ̀n ìfarahara rẹ̀, 0.15, ju gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀, 0.071, lọ. Ìfarahara tó jẹ iṣẹ́ wa náà ló ń ṣọ́ ọ. Ẹ tún rántí pé omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì ń jẹ irin. Ìyẹ̀fun rẹ̀ a sì gan mọ́ inú ihò ọmọ bíárìn.

Nọ́ọ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, pàápàá bí ó bá rọ̀ ju òpó lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé nọ́ọ̀tì rọrùn láti pààrọ̀ ju òpó lọ. Ẹ di òpó mú nígbà tí kò tẹ nǹkan kan, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì tì í sísàlẹ̀. Bí ó bá ń mì ju ti ìgbà tó wà ní tuntun lọ, eyín ti ń jẹ. Bí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú gírísì, jíjẹ náà ń lọ lọ́wọ́. Bí òpó bá rọrùn lápá kan ìyí, tó wá le lápá kejì, ó ti tẹ̀ kọrọ nìyẹn. Gírísì kò lè wo èyí sàn.

Ẹ̀yin tó ń ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ béèrè eyín onígun mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn tọ́nà. Eyín ṣóńṣó bíi ti bóòtù lásán dára fún dídè. Bí a bá fi í ṣe òpó ìtẹ̀, ìfarahara rẹ̀ pọ̀ jù. Kí ẹ sì máa fi gírísì sí ẹsẹ̀ òpó gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń fi sí eyín rẹ̀.