Àgbò Méjì Kì Í Mumi Nínú Koto Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Tíráàkì àti Léyà Nínú Fídíò Gígé

Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Ẹni tó bá ń kọ́ fídíò gígé á fojú ara rẹ̀ rí òwe yìí lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ́ àwòrán kan lé orí òmíràn. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á pòórá, àlejò á gba ilé. Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́ o. Lórí tíráàkì kan, lójú àkókò kan, kílíìpù kan ṣoṣo ni àyè gbà. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe tíráàkì ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan wò ó. Ká ní ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu màmá kan tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ó jókòó síwájú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú 4, ó ń ṣàlàyé bó ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kó tó rì í sínú aró. Ẹ tún ní fídíò kékeré tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ hàn lẹ́nu iṣẹ́, fọ́tò rẹ̀ kan tí ẹ fi fóònù yà lóòró, àti orin. DaVinci Resolve ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, torí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ tó iṣẹ́ yìí ṣe. Orúkọ bọ́tìnnì lè yàtọ̀ nínú àwọn yòókù, àmọ́ ìwà wọn jọra.

Táìmùláìnì ni pátákó gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Àkókò ń rìn láti òsì sí ọ̀tún níbẹ̀. Ìlà tínrín kan dúró lóòró lórí rẹ̀, ohun tí ìlà náà bá kàn ni ẹ ń rí nínú fèrèsé òkè. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ta gìrì nígbà tí wọ́n bá rí 01:00:00:00 níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á rò pé fídíò àwọn ti gba wákàtí kan. Ibẹ̀ ni Resolve ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkà ni. Wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá àti fúréèmù ni nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Bí ẹ bá gba fídíò yín ní fúréèmù 25 sí ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ yan 25 kí kílíìpù àkọ́kọ́ tó wọlé, torí bó bá ti wọlé tán, iṣẹ́ náà kò ní jẹ́ kí ẹ yí i padà mọ́.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ Màmá sílẹ̀. Àwòrán rẹ̀ á jókòó sórí V1, ohùn rẹ̀ á bọ́ sórí A1, àwọn méjèèjì á sì so mọ́ra. Ẹ wá gbé fídíò ọwọ́ tó ń ya aṣọ sórí V2, sí ọ̀gangan ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ìyẹ́. Bí ìlà bá dé ibẹ̀, ọwọ́ ni ẹ máa rí, ẹnu Màmá ni ẹ máa gbọ́. V1 kò lọ síbì kankan. V2 wà lókè rẹ̀, ó bò ó ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní léyà kò ju èyí lọ: ta ló wà lókè, ta ló wà lábẹ́. Nínú After Effects, léyà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. Nínú Resolve, kílíìpù púpọ̀ lè tò tẹ̀lé ara wọn lórí tíráàkì kan, ipò tíráàkì yẹn ló sì ń sọ ẹni tó máa bo ẹnì kejì.

Fọ́tò òòró yẹn ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ léyà yé yín dáadáa. Bí ẹ bá gbé e sórí V2, kò ní kún ojú fídíò tó fẹ̀. Ibi tó ṣófo lápá òsì àti ọ̀tún kì í ṣe dúdú, òfìfo gidi ni, nítorí náà Màmá tó wà lórí V1 á máa yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ara rẹ̀, èjìká kan níbí, etí kan lọ́hùn-ún. Ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà sórí V3, kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n jọ parí. Ẹ fi ti V3 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ fẹ ti V2 títí á fi kún ojú fídíò, kí ẹ sì sọ ọ́ di bàìbàì. Orúkọ Màmá tí ẹ fẹ́ kọ sísàlẹ̀ á wá lọ sórí V4. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí V1 tàbí V2, á lé kílíìpù tó wà níbẹ̀ lọ, èyí tó wà lókè rẹ̀ á sì tún bò ó.

Ti ohùn yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àwòrán ń bo àwòrán, ohùn kì í bo ohùn. A1, A2, A3, gbogbo wọn ló ń dún pọ̀. Gbígbé orin sókè tàbí sísàlẹ̀ láàárín wọn kò yí nǹkan kan padà. Fídíò ọwọ́ tí ẹ gbé wá sórí V2 ti gbé ariwo ọjà tirẹ̀ bọ̀ sórí A2, bí ẹ bá sì ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ẹ kò rí lójú fídíò, ẹ wo ibẹ̀. Ẹ tẹ S lára tíráàkì láti gbọ́ òun nìkan, ẹ tẹ M láti pa á lẹ́nu mọ́. Agbára wọn tún ń rò pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí òǹkà ohùn bá ti kan 0, ohùn á máa fọ́. Èmi máa ń jẹ́ kí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ga dé nǹkan bí -10, kí orin abẹ́ rẹ̀ wà ní nǹkan bí -30.

Ibi tó le jù ló kù. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Màmá wúkọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 2 láàárín ọ̀rọ̀, ẹ sì fẹ́ yọ ọ́. Ẹ gé e níwájú, ẹ gé e lẹ́yìn pẹ̀lú Ctrl+B. Ẹ yan ikọ́ náà. Bí ẹ bá tẹ Backspace, ikọ́ á lọ, àlàfo á kù. Bí ẹ bá tẹ Delete, àlàfo á dí, gbogbo ohun tó wà níwájú lórí V1 àti A1 á sún wá sẹ́yìn ní fúréèmù 50. Bí àwọn tíráàkì yòókù kò bá bá wọn sún ńkọ́? Ẹnu Màmá á ṣì bá ohùn rẹ̀ mu, gbogbo nǹkan á jọ pé ó dára, àmọ́ ọwọ́ tó ń fi ìyẹ́ ya aṣọ á pẹ́ dé, á máa yọ nígbà tó ti ń sọ̀rọ̀ aró. Bó bá ṣe pé ẹ ti ti A1 ní kọ́kọ́rọ́ ńkọ́, V1 nìkan ló máa sún, ẹnu á yàtọ̀ sóhùn. Ìyẹn ní ẹ̀rí tirẹ̀: nọ́ńbà pupa á hàn lára kílíìpù, iye fúréèmù tó fi yà ló ń sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ lórí V1 àti A1 kí wọ́n tó gbé ohunkóhun lé e. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ tan àmì Auto Track Selector lára gbogbo tíráàkì àfi ti orin, A3. Ẹ tẹ I níbi tí ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀, O níbi tó parí sí, kí ẹ má yan kílíìpù kankan, ẹ wá tẹ Delete. Gbogbo wọn á gé, wọ́n á jọ sún, orin kò ní ta kókó láàárín. Yóò kàn gùn ju àwòrán lọ ní ìṣẹ́jú àáyá 2 lápá ìparí. Ẹ fa etí rẹ̀ wọlé, kí ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.