Eré Wo Ni Kí Ń San Owó Rẹ̀ Lóṣù Yìí?

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, owó ilé eré kan ṣoṣo ni apá mi ká lóṣù yìí. Mo fẹ́ wo "Blood Sisters", "King of Boys: The Return of the King", àti eré kan ní ilé mìíràn tí wọ́n ṣì ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èwo ni kí ń mú? — Òǹkàwé yín, Akaka Rẹ́mọ.

Ìdáhùn: Ọmọ Rẹ́mọ àtàtà, ẹni tí ó bá lé eku méjì a pòfo, nítorí náà, ilé tí eré rẹ̀ ti parí ni kí ẹ yàn. Netflix ni eré méjì àkọ́kọ́ wà, apá mẹ́rin ni èkíní, méje ni èkejì, tí ẹ bá sì ń wo apá mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ ó parí méjèèjì kí oṣù tó pé. Ẹ fi ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi parí, kí owó oṣù kan lè gbé gbogbo rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé owó dátà: bí ẹ bá yan "Save Data" lórí fóònù, gígábáìtì kan a máa gbé tó wákàtí mẹ́fà. Ní kété tí ẹ bá ti sanwó, ẹ fagi lé ìsanwó tí ń tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí ẹ ó ṣì máa wò ó títí oṣù tí ẹ san yóò fi pé.